Ṣé Ó Ń Bá Yín Tage Ni, àbí Ọ̀yàyà Rẹ̀ Ni?

Àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́: "Káyọ̀, ṣé o ti délé? Òjò yìí pọ̀ o." Àwòrán ọkàn pupa kan wà ní ìparí rẹ̀. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe àbúrò, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ àtijọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni. Káyọ̀ kà á tán, ó tún un kà, ó wá ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí obìnrin yìí ní lọ́kàn gan-an.

Káyọ̀dé àti Bísí, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ kà wọ́n sí òṣìṣẹ́ méjì ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ọkùnrin náà wà ní ẹ̀ka ìṣirò owó, obìnrin náà ló ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà. Káyọ̀dé fi bí ọdún mẹ́ta ju Bísí lọ. Kò sí èyí tó ní ọkọ tàbí aya nínú wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ ọ̀gá èkejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí ṣe pàtàkì, a ó padà débẹ̀.

Ohun tó mú irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí ṣòro láti kà ni pé ẹni tó ń tage kì í fẹ́ kí ó hàn gbangba. Bí ó bá là á mọ́lẹ̀ tí ẹnì kejì kò sì fẹ́, ìtìjú ni, wọ́n á sì tún jọ pàdé lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nítorí náà, ibi tó ti lè fà á padà ló máa ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá gbà á, ó di ìfẹ́. Bí wọn kò bá gbà á, ó ní eré lòun ń ṣe. Àwọn àgbà mọ èyí dáadáa, ara ohun tí alárinà sì wà fún nìyẹn. Alárinà ló ń lọ tó ń bọ̀, òun ló ń gbọ́ "rárá" lórúkọ ẹni tó rán an, tí ojú kò fi ní ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin náà bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn lọ́nà odò. Lórí fóònù lónìí, ẹ̀fẹ̀ àti àwòrán ojú tó ń ṣẹ́jú ló ń ṣe iṣẹ́ alárinà. Iyèméjì tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe pé ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n kà. Nígbà mìíràn, ẹni tó kọ ọ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ fi iyèméjì náà síbẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ rárá, onítọ̀hún kàn lọ́yàyà ni.

Àwọn onímọ̀ ti dán an wò bóyá èèyàn lè fi ojú lásán mọ ìyàtọ̀. Ní ọdún 2014, Jeffrey Hall, olùkọ́ ní Yunifásítì Kansas ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n fi ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí kò mọra rí jókòó papọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa tàkúrọ̀sọ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní méjì méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi oníkálukú lọ́tọ̀ bóyá òun tage, àti bóyá ó rò pé ẹnì kejì bá òun tage. Nígbà tí ẹnì kejì kò tage, ó lé ní 80 nínú 100 tó mọ̀ pé kò tage. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹnì kejì tage ní tòótọ́, ọkùnrin 36 péré nínú 100 ló mọ̀. Ti àwọn obìnrin tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: 18 nínú 100.

Ojúkojú ni àwọn wọ̀nyí jókòó sí o, wọ́n ń rí ẹ̀rín, wọ́n ń gbọ́ ohùn. Ohun tí iye yẹn fi yé wa ni pé ọ̀pọ̀ ìtage ló ń kọjá lára èèyàn láìmọ̀, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ tí à ń bára wa sọ kì í ṣe ìtage rárá. Ẹni tó bá ń sọ pé "kò sí nǹkan níbẹ̀" ní gbogbo ìgbà á máa gbà á ju ẹni tó ń rí ìfẹ́ nínú gbogbo "ẹ káàárọ̀" lọ.

Àwọn tó ń rí ìfẹ́ níbi gbogbo náà kò sì wọ́n. Ní ọdún 1982, Antonia Abbey tẹ ìwádìí tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin mìíràn àti obìnrin mìíràn sì ń wò wọ́n láti ibi ìkọ̀kọ̀. Àwọn ọkùnrin, àtẹni tó ń sọ̀rọ̀ àtẹni tó ń wòran, ló máa ń rí ìfanimọ́ra nínú ìṣe obìnrin náà ju bí àwọn obìnrin fúnra wọn ṣe rí i lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rín kan náà ni gbogbo wọn rí. Bí ọkùnrin ni yín, tí ara yín sì ti ń sọ fún yín pé ó ti fẹ́ mi nìyẹn, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Àtẹ̀jíṣẹ́ tún wá burú ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, nítorí kò ní ohùn. Justin Kruger àti Nicholas Epley pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn ní ọdún 2005 pé ẹni tó kọ ẹ̀fẹ̀ sínú ímeèlì gbà pé ẹni tó máa kà á á mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni, bí ìgbà mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ní tòótọ́, àwọn tó kà á kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ju owó ẹyọ sókè lọ. Ohùn tí ẹni tó ń kọ̀wé ń gbọ́ nínú orí ara rẹ̀ kò bá ìwé náà rìn, ẹni tó ń kà á a sì máa fi ohùn tó wu òun kà á. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fà sí Bísí tẹ́lẹ̀ á fi ohùn olólùfẹ́ ka "ṣé o ti délé". Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀ á fi ohùn ìyá ìjọ kà á.

Nítorí náà, inú àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo kọ́ ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni náà ṣe ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a wá yọ ìyẹn kúrò nínú bí ó ṣe ń bá wa sọ̀rọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nìkan ló tó yẹ̀ wò.

Káyọ̀ kò ní láti bi ẹnikẹ́ni. Gúrúùpù WhatsApp ọ́fíìsì wọn wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ oṣù mélòó kan sì wà nínú rẹ̀. Ó fà á sókè. Ó rí i pé Bísí fi ọkàn pupa sábẹ́ àwòrán ọmọ-ọmọ dírẹ́bà wọn. Ó fi sábẹ́ ìkéde pé dísù ti dé fún jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìbejì tó ń tọ́jú àyíká kọ̀wé pé ara òun ti yá, ọkàn mẹ́ta ló fi dá a lóhùn. Lálẹ́ ọjọ́ òjò yẹn gan-an, ogún ìṣẹ́jú kí ó tó kọ̀wé sí Káyọ̀, ó ti kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé: "Ẹ̀yin ará, ṣé gbogbo wa ti délé? Wọ́n ní omi ti gba títì ní Mọ́kọ́lá." Àwọn méje ló dáhùn. Káyọ̀ kò dáhùn, nítorí inú ọkọ̀ ló wà. Bísí wá a kàn ni. Ọkàn pupa, òjò, àti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbogbo rẹ̀ ti ní àlàyé, a sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò.

Láàárín àwa Yorùbá, ìyọkúrò yìí a máa kó nǹkan púpọ̀ lọ. A ń kí ara wa kú òjò, a ń kí ara wa kú ooru, kú àárẹ̀, kú ìnáwó. Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá béèrè bóyá ẹ ti jẹun, ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ nílé ló ń ṣe. Àìbéèrè gan-an ni wọ́n á fi pè é ní agbéraga. Ọ̀rọ̀ tí ará ilẹ̀ òkèèrè á gbọ́ tí yóò fò sókè, "ọkọ mi", "ìyàwó mi", eré lásán ló lè jẹ́ lẹ́nu wa. Ìyá àgbà ń pe ọmọ ọdún mẹ́ta ní ọkọ rẹ̀, ìyàwó ilé ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì sì ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ ojoojúmọ́. "Día" tí gbogbo èèyàn ń kọ yẹn kò tilẹ̀ wúwo tó iyọ̀ inú omi. Àkókò náà sì lè tan èèyàn jẹ. Dátà òru kò wọ́n tó ti ọ̀sán lọ́wọ́ àwọn kan, àwọn mìíràn kò rí iná fi ṣáàjì fóònù wọn àfi lóru, àwọn tó ń padà sílé láti Èkó ń fi sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dáhùn gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti gbàgbé láti òwúrọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀gànjọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Ìṣirò yìí tún ní òdìkejì. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, tó jẹ́ "ó dáa" àti "mo ti rí i" nìkan ló ń kọ sí gbogbo èèyàn, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kọ ìlà mẹ́rin sí yín tó sì fi ẹ̀rín kan parí rẹ̀, ó wúwo ju ogún ọkàn Bísí lọ. Ohun tí a ń wò ni bí ó ṣe yàtọ̀ sí ìṣe onítọ̀hún. Bí ó ṣe dùn létí tó kò kan ọ̀rọ̀ yìí.

Nípa tíìkì búlúù, àti bí ó ṣe yára dáhùn tó, àti bóyá ó wo sítátọ́ọ̀sì yín, n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí wọn. Èèyàn lè pa tíìkì náà, ó lè fi àkókò tó wà lórí ìlà pamọ́, sítátọ́ọ̀sì sì máa ń yí fúnra rẹ̀ láti ti ẹnì kan sí ti èkejì nígbà tí ọwọ́ bá kàn wà lórí fóònù.

Kí ló wá ṣẹ́ kù fún Káyọ̀ lẹ́yìn tí ó ti yọ gbogbo ìyẹn? Nǹkan mélòó kan ṣẹ́ kù, wọn kò sì kéré.

Èkíní ni pé Bísí rántí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun ọ̀sán, Káyọ̀ mẹ́nu bà á lẹ́ẹ̀kan péré pé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá òun ní UCH lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ti gbàgbé pé òun sọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ náà, ọ̀rọ̀ Bísí ti wà lórí fóònù rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Kò sí ẹlòmíràn lọ́fíìsì tó rántí. Àwòrán ọkàn kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n kí èèyàn fi ọjọ́ kan sọ́rí nítorí ẹnì kan, ìyẹn ná an ní nǹkan.

Èkejì ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá tán nínú ọ̀rọ̀. Láàárín àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ tàbí tó jọ ń kàwé, ìdí kan máa ń wà tí a fi kọ̀wé síra wa: fáìlì kan, ìpàdé kan, ìwé ìdánwò ọdún tó kọjá. Ẹ wo ibi tí ìdí náà parí sí. Bísí á béèrè ìwé ìnáwó, Káyọ̀ á fi ránṣẹ́, Bísí á dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, á tún fi kún un pé: "Màmá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti ń ríran dáadáa?" Ìdí tuntun ló dá sílẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sì dá a sílẹ̀. Láàárín akẹ́kọ̀ọ́, kàlẹ́ńdà ló ń ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra rẹ̀. Ọmọ kíláàsì yín kan lè máa kọ̀wé lóròòwúrọ̀ lálaalẹ́ bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí á máa pè yín ní ẹ̀dá àrà ọ̀tọ̀, tí á máa bẹ̀ yín pé kí ẹ ya àwòrán ìwé tí ẹ kọ ní kíláàsì. Ẹ dúró di ọjọ́ tí ìwé ìkẹyìn bá parí. Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá dé ní ọjọ́ kejì, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń wọlé síbẹ̀ nígbà ìsinmi, tí kò sí ìwé kankan tí a ń wá mọ́, ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń wá, bóyá bí ọ̀rẹ́, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni bí ó ṣe ń pè é. Nínú gúrúùpù, "Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé" ni, "ẹ" ni Bísí sì ń lò fún un, bí ó ṣe ń lò ó fún gbogbo ẹni tó bá jù ú. Ní ìkọ̀kọ̀, ó ti di "Káyọ̀", ó ti di "o". Kì í ṣe pé "o" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ohun tó yẹ kí a fiyè sí ni pé ó ní ohùn kan fún ìta àti ohùn kan fún inú, tó sì ń ṣọ́ ìlà tó wà láàárín méjèèjì. Ní òdìkejì, ẹni tó bá ti ń pe yín ní "ẹ̀gbọ́n mi" tàbí "àǹtí" ní ìkọ̀kọ̀, tó sì tẹra mọ́ ọn, ibi tó ti fi yín sí nínú ìdílé nìyẹn, ẹ má tún gba ẹ̀yìn wọlé. Ti oríkì tún lágbára jù. Àwọn òbí, àwọn ìyá àgbà àti ẹni tó sún mọ́ni tímọ́tímọ́ ló ń pe èèyàn ní Àjọkẹ́ tàbí Àlàó. Ẹlẹgbẹ́ tó bá wádìí oríkì yín, tó ń fi í pè yín níbi tí ẹlòmíràn kò ti lè gbọ́, kò ṣe é ní ìṣèèṣì.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí. Wọ́n á ka àwọn ẹ̀rí mẹ́ta yìí, wọ́n á ní ó ti dájú. Kò tíì dájú. Ohun tí ẹ̀rí náà sọ ni pé Bísí ti ya Káyọ̀ sọ́tọ̀ láàárín àwọn ará ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ gidi náà ń yani sọ́tọ̀. Ọ̀rẹ́ ń rántí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ìyá ẹni, ọ̀rẹ́ ń wá ìdí tí ọ̀rọ̀ kò fi ní tán, ọ̀rẹ́ ń gé orúkọ ẹni kúrú. Ìtage máa ń ní ohun kan tí ọ̀rẹ́ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ní: ó máa ń kan ara ẹni àti àyè tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ìrísí, pé aṣọ àná yẹn bá ọ mu jù. Ó máa ń ṣe ìwádìí bí ẹni tó ń ṣeré: "Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ nílé ná?" Ó máa ń jowú díẹ̀díẹ̀, kí ó sì sọ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tí Káyọ̀ padà wo gbogbo ọ̀rọ̀ Bísí, kò rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí. Bísí kò sọ̀rọ̀ nípa aṣọ rẹ̀ rí. Kò bi í rí bóyá ó ní ẹni tó ń fẹ́. Ó tilẹ̀ ti gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ nípa ọkùnrin kan tó ń yọ òun lẹ́nu ní ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí àwọn kan máa ń fi ta ẹni tí wọ́n fẹ́ lólobó, tí àwọn mìíràn sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ lásán. Bí ẹ bá bi mí níbi tí a dé yìí, mo máa ní ọ̀rẹ́ ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní búra.

Bí Káyọ̀ bá fẹ́ràn Bísí, tó sì fẹ́ mọ̀, kíkà kò lè mú un kọjá ibí yìí. Àfi kí ó béèrè. Kí ó má sì rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ lọ́fíìsì o. Alárinà ayé àtijọ́ mọ ẹnu rẹ̀ pa mọ́, ti òde òní ní gúrúùpù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ kéré, kó ṣe kedere, kó sì rọrùn láti kọ̀. Ó lè rí báyìí, ní ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ara tu oníkálukú: "Bísí, mo fẹ́ lọ jẹ àmàlà ní Sátidé ní nǹkan bí aago méjì. Ó wù mí kí ìwọ náà wá, èmi àti ìwọ. Bí kò bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, kò sí wàhálà rárá."

Ọjọ́ àti aago ni kò ní jẹ́ kí ó di "a máa rí i" lásán. "Èmi àti ìwọ" ló ń yọ iyèméjì kúrò, nítorí láìsí i, ó lè gbà láti wá, kí ó má mọ ohun tí òun gbà. Gbólóhùn ìkẹyìn ló ń ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un láti jáde. Ẹni tí kò bá lè kọ̀ láìsí ìnira, ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún yín.

Yorùbá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ pé "rárá" sí ojú ẹni. Ìdáhùn ni a máa ń tú wò. "Sátidé yìí, mo ní òde ní Ọ̀ṣogbo, àmọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn ńkọ́?" jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kíkọ̀, nítorí ó dá ọjọ́ mìíràn fúnra rẹ̀. "Ó dáa, mà á sọ fún ẹ," tí ọjọ́ sì ń gorí ọjọ́, rárá ni. "Ẹ ṣé gan-an o, Ọlọ́run á máa bù kún yín," pẹ̀lú "ẹ" tó ti padà dé, rárá tó ní ọ̀wọ̀ nínú ni.

Ohun tí Bísí kọ nìyí: "Àmàlà kẹ̀! Jẹ́ ká kó Tọ́pẹ́ àti Ìyá Ìbejì dání, ó ti pẹ́ tí gbogbo wa ti jọ jáde." Ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọkàn pupa. Ọlọ́gbọ́n èèyàn ni. Ó gba oúnjẹ, ó kọ "èmi àti ìwọ", kò sì dójú ti ẹnikẹ́ni. Káyọ̀ tó bá mọ ohun tó ń ṣe á fèsì pé ó dáa bẹ́ẹ̀, á bá gbogbo wọn lọ jẹ àmàlà ní Sátidé náà, kò sì ní béèrè mọ́. Kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú kíkorò, kò sì ní kà á sí i lọ́rùn pé ó tan òun jẹ. Kò tàn án jẹ. Ìyá Káyọ̀ tí Bísí ń béèrè yẹn, ó béèrè nítorí ó fẹ́ mọ bí ara wọn ṣe rí ni, ó sì tún lè béèrè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí dúró lórí pé àwọn méjèèjì jọ dọ́gba. Bí Káyọ̀ bá jẹ́ ọ̀gá Bísí, tó jẹ́ pé òun ló ń fọwọ́ sí ìsinmi rẹ̀ tàbí tó ń kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún, ẹ̀rí náà ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀yàyà ọmọ iṣẹ́ sí ọ̀gá, ìbẹ̀rù lè wà nínú rẹ̀, owó oṣù lè wà nínú rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe fẹ́ ṣà á. Bákan náà ni ti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Níbẹ̀, ẹ má ṣe ìdánwò kankan. Ẹ kà á sí ọ̀wọ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní òdìkejì, tí wọ́n ń bá tage tí ẹ kò sì fẹ́, ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà sọ ọ́ láì dá ìjà sílẹ̀. Ẹ dáhùn apá tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òru di àárọ̀ kí ẹ tó fèsì. Ẹ dá "ẹ" àti "ẹ̀gbọ́n" padà sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbọ́ ìyẹn. Ẹni tí kò bá gbọ́, ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan ní gbólóhùn kan tó mọ́ pé ẹ kò fẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tún ń kọ ọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó ti kúrò ní ìtage. Òfin ìwà ọ̀daràn Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 ka fífi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọni lẹ́nu sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ẹ má pa irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ tòun ti déètì tó wà lórí rẹ̀, nítorí ẹni tó kọ ọ́ lè pa á rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀ àti tiyín.